Ojú Tèmi, Ara Ẹlòmíràn: Ta Ni Òfin Yóò Mú?

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Mọníyà, Lálúpọn tàbí Àkànràn kọjá á ti rí pósítà ìkéde òkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri àti òpó iná. Bàbá àgbà tó ṣe oko kòkó títí ọlọ́jọ́ fi dé, tí fọ́tò kan ṣoṣo tó ní kò ju pásípọ́ọ̀tù kékeré lọ, ni ẹ óò rí nínú agbádá aṣọ òkè lórí àga ńlá, iyùn lọ́rùn, ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé Bàbá kò ní agbádá yẹn láyé rẹ̀. Ọmọ tó ń ṣe gíráfíìkì ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ló gé orí Bàbá, tó gbé e lé ara ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó bínú sí i, nítorí àwọn ọmọ olóòkú fúnra wọn ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Irú iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láàárín wa. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ nípa rẹ̀ ní 1978 lẹ́yìn tó ti ṣe ìwádìí láàárín àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún. Bí ìkan nínú ìbejì bá kú láì ní fọ́tò, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni, ọmọ tó kù yóò wọ aṣọ tirẹ̀ fún ìkan, yóò sì wọ aṣọ èkejì rẹ̀ fún ìkan.

A mú èyí ṣíwájú nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òfin ti ka gbígbé ojú ènìyàn lé ara ẹlòmíràn léèwọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Nàìjíríà kan tó fi orúkọ pe ìṣe náà lẹ́ṣẹ̀ kò sí. Ohun tí òfin ń wò ni bóyá olójú gbà, ohun tí a fẹ́ kí ẹni tó bá rí i gbà gbọ́, àti ibi tí àwòrán náà dé. Pósítà Bàbá yege nínú gbogbo rẹ̀. Ayédèrú àwòrán oníhòòhò tó ń dá ìlú rú báyìí kò yege nínú ìkankan.

Nígbà kan, gbígbé ojú lé ara gba ọwọ́ tó mọṣẹ́, kọ̀ǹpútà àti iná tí kò ní lọ. Ní báyìí, áàpù orí fóònù ló ń ṣe é. Yóò wá àwọn àmì lójú ènìyàn, bí igun ojú, orí imú, ètè àti àgbọ̀n. Yóò fi wọ́n wé ti ara tí ó fẹ́ gbé e lé. Lẹ́yìn náà yóò tún awọ àti òjìji rẹ̀ kùn kí méjèèjì lè bára mu. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ènìyàn kọjú síwájú, tí ìmọ́lẹ̀ tó lójú rẹ̀, ti tó fún un. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ gan-an ni a sì ń gbé sí sítétọ́ọ̀sì ní gbogbo ọjọ́ ìkómọ, ọjọ́ ìfẹ́yìntì àti ọjọ́ Àìkú.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lè kọ́kọ́ wo ọrùn, ibi tí awọ ojú ti pàdé awọ ara, kí ó sì fi àwọ̀ ojú wé àwọ̀ ọwọ́. Kí ó wo etí bóyá yẹtí méjèèjì bára mu. Kí ó wo èéjí, kí ó sì wo ilà ojú bí ẹni náà bá kọlà, torí nígbà míràn áàpù máa ń pa pélé rẹ́ tàbí kí ó fà á gùn lọ́nà tí akọlà kankan kò ní fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a má gbẹ́kẹ̀ lé èyí jù. Wọ́sáàpù máa ń fún àwòrán pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, ohun tí ojú ìbá sì fi rí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ á ti bá a lọ. Ọ̀nà tó lágbára jù ni kí a wá ẹni tó ni ara. Bí a bá fi Google Lens wá àwòrán náà, ó ṣeé ṣe kí ó gbé ojúlówó rẹ̀ jáde, ara kan náà, ìjókòó kan náà, aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì kan náà, ojú ọ̀tọ̀. Ìgbà yẹn ni ẹjọ́ máa ń yí padà, nítorí pé ẹ̀rí ti dé pé irọ́ ni. Ó tún ń rán wa létí ohun tí a sábà máa ń gbàgbé: ara yẹn náà ní ẹni tó ni ín. Ẹni méjì ni wọ́n ṣẹ̀ nínú àwòrán kan.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí ènìyàn, àpèjúwe lásán ni o. Ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 kan ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ nítòsí Erùnmu. Ó gbé fọ́tò ọjọ́ ìdúpẹ́ wọn sí sítétọ́ọ̀sì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti kọnu ìfẹ́ sí i tí kò gbà fún mú fọ́tò náà, ó gbé ojú rẹ̀ lé ara obìnrin tó wà níhòòhò, ó sì fi í ránṣẹ́ sí i pé bí kò bá san 50,000 náírà kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo gúrúùpù ìjọ wọn ni yóò rí i. Kò san. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, àwòrán ti wọ gúrúùpù àwọn ọmọ iṣẹ́ aránṣọ, láti ibẹ̀ ó dé gúrúùpù ọmọ bíbí ìlú, ìyẹn sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù.

Níbo ni ẹ̀ṣẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé ìgbà tí ó gbé e jáde ni. Rárá o. Ìgbà tí ó ti fi ìhàlẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà nìkan ṣoṣo ni òfin ti mú un. Òfin tó lòdì sí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, sọ ní abala 24 pé ẹni tó bá fi ẹ̀rọ halẹ̀ pé òun yóò ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́ kí ó lè fi gba owó tàbí nǹkan iyebíye lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lè jẹ ẹ̀wọ̀n ọdún 5, tàbí kí ó san ó kéré tán mílíọ̀nù 15 náírà, tàbí kí ó jẹ méjèèjì. Bóyá àwòrán náà jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́ kò já mọ́ nǹkan kan níbí. Bóyá ọmọbìnrin náà sanwó tàbí kò san kò sọ ọ́ di àìjẹ̀bi. Òfin náà tilẹ̀ dárúkọ òkú: ẹni tó bá fi bíba orúkọ olóògbé jẹ́ halẹ̀ mọ́ ìdílé rẹ̀ kí ó lè gbowó, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni.

Nígbà tí ó wá gbé e sí gúrúùpù, ó dá ẹ̀ṣẹ̀ kejì. Abala 24 yẹn kan náà sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi àwòrán oníhòòhò, irú èyí tí wọ́n ń pè ní bùlúù fíìmù, ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ lè jẹ ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù 7 náírà lọ, tàbí méjèèjì. Ó yẹ kí a sọ ìtàn abala yìí díẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2015, ó fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ: ohunkóhun tó bá ti bí ènìyàn nínú gidigidi ló lè sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, àwọn alágbára sì ń fi í mú akọ̀ròyìn. Ilé ẹjọ́ Ẹ́kówáàsì ní kí Nàìjíríà tún un ṣe ní 2022, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì tún un ṣe ní 2024. Ohun tó kù báyìí kò pọ̀ rárá: ìhòòhò, àti irọ́ tí ẹni tó rán an mọ̀ pé irọ́ ni, tí ó sì rán an kí ìlú lè dàrú tàbí kí ẹ̀mí ẹnìkan lè wà nínú ewu. A fara mọ́ àtúnṣe náà. Àmọ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé ojú rẹ̀ lé ara ìnàkí láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, abala yìí kò ní gbà á. Ọ̀nà mìíràn wà fún ìyẹn, a ó dé ibẹ̀.

Àwọn tó gbà á, tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ẹni tó bá rán an ni òfin ń bá wí, kò sọ pé àfi ẹni tó ṣe é. Ìyá tó fi í sí gúrúùpù ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí tó sì kọ "ẹ wo ohun tí ayé dà" sábẹ́ rẹ̀ ti rán an. A gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé àwọn kò mọ̀ pé ayédèrú ni, pé àwọn rò pé òótọ́ ni. Àwíjàre yìí kò gba ènìyàn, nítorí pé òfin kò bèèrè pé kí àwòrán oníhòòhò jẹ́ irọ́ kí ó tó di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ní òun rò pé òótọ́ ni ti jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ pín ìhòòhò ọmọ ọlọ́mọ kiri.

Bí ẹni tó wà nínú àwòrán bá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré. Abala 23 òfin náà ka àwòrán tó jọ òótọ́ tí ó fi ọmọdé hàn nínú ìbálòpọ̀ mọ́ àwòrán ìbàjẹ́ ọmọdé gidi. Kò dìgbà tí ọmọ náà bá bọ́ṣọ. Ẹni tó ṣe é tàbí tó pín in lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 tàbí kí ó san tó mílíọ̀nù 20 náírà. Ẹni tó kàn ní in lọ́wọ́ lórí fóònù lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5 tàbí kí ó san tó mílíọ̀nù 10. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀ níbí. Bí wọ́n bá fi irú àwòrán yìí ti ọmọ yín tàbí ti ọmọ aládùúgbò ránṣẹ́ sí yín, ẹ má ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pé ẹ̀rí ni, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀ kí ó lè rí i. Nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́, orúkọ gúrúùpù, ọjọ́ àti aago ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé fóònù náà lọ bá ọlọ́pàá bó ṣe wà. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó ń fi ojú ọmọ kíláàsì wọn ṣeré báyìí kò mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn lè bá wọn dé ilé ẹjọ́.

Àṣà wa ni pé bí irú ẹjọ́ ọmọ aránṣọ yìí bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á gbé e dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀. Àwọn òbí ọmọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á bẹ̀, wọ́n á gbé owó kalẹ̀, ọmọ náà á pa àwòrán rẹ́ níwájú gbogbo ayé. Ìwé ìròyìn yìí kò kẹ́gàn ìyẹn bí ó bá jẹ́ ẹ̀fẹ̀ tó gba ojú òdì. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí fóònù ọmọkùnrin nìkan ni ó pa rẹ́. Èyí tó wà nínú fóònù ọgọ́rùn-ún ènìyàn wà níbẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé bí wọ́n ti pa á rẹ́ yẹn, ẹ̀rí ọmọbìnrin náà ti lọ. Bí ọmọkùnrin náà bá tún gbé e jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ni yóò fi hàn pé òun ló kọ́kọ́ ṣe é?

Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá ṣe irú èyí sí kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa á rẹ́, bí ìtìjú rẹ̀ ti wù kó pọ̀ tó; ti ọmọdé, ọ̀nà tí a ti sọ lókè ni kí a tẹ̀ lé. Ẹni tó rán an lè pa á rẹ́ fún gbogbo ènìyàn lórí Wọ́sáàpù láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì ó lé díẹ̀, nítorí náà kí ẹni tí wọ́n ṣe é sí yára. Kí ó ya sikirinṣọ́ọ̀tì tí nọ́ńbà onítọ̀hún yóò hàn níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ tí òun fi tọ́jú nọ́ńbà náà nìkan, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Kí ó tẹ "Export chat" kí gbogbo ọ̀rọ̀ inú gúrúùpù náà lè jáde bó ṣe tò. Lẹ́yìn náà ni kí ó tẹ "Report" kí ó tó dínà mọ́ onítọ̀hún. Nígbà tí a bá tẹ ẹ́, àwọn ọ̀rọ̀ márùn-ún tó rán gbẹ̀yìn máa ń dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Wọ́sáàpù. Kí ó má san kọ́bọ̀ kankan. Ẹni tó bá san lẹ́ẹ̀kan ti fi hàn pé òun ní owó, òun sì ń bẹ̀rù.

Wọ́sáàpù fúnra rẹ̀ kì í mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi àwòrán síta, nítorí pé wọ́n ti ti ọ̀rọ̀ pa láàárín ẹni tó rán an àti ẹni tó gbà á. Bí ẹ bá rí "Forwarded many times" lórí rẹ̀, ó ti gba ọwọ́ ènìyàn tó márùn-ún ó kéré tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ní Èkó, ibẹ̀ ni ìwádìí ìbá kú sí. Ní Jagò tàbí Ìkéréku, kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn mọ ènìyàn. Bí a bá bi ẹni tó rán an pé ta ló rán an sí ọ, tí a sì tẹ̀ lé e lọ láti fóònù dé fóònù, kò ní pẹ́ tí a ó fi dé orísun. Láti ibẹ̀, nọ́ńbà náà ti so mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, òfin 2015 yẹn náà sì pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ alátagbà fóònù tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó ni laìnì fún ọdún 2.

Sikirinṣọ́ọ̀tì nìkan kì í sọ̀rọ̀ ní kóòtù o. Òfin ẹ̀rí ti 2011, abala 84, ní kí ẹni tó mú bébà tó jáde láti inú ẹ̀rọ wá fi ìwé ẹ̀rí tì í lẹ́yìn, tí yóò sọ irú ẹ̀rọ tí a lò, bí a ti ṣe mú bébà náà jáde, àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò náà. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló ti dàrú nítorí pé wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì láì ní ìwé kankan. Ẹ má ta fóònù náà, ẹ má sì tún un tò bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ òfin yìí, ó sì ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn. Ẹ lè gbé ẹjọ́ yín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín tàbí olú iléeṣẹ́ wọn ní Ẹlẹ́yẹlé. Ẹ sì tún lè fi sùn ẹ̀ka tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ní nccc.npf.gov.ng. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kí ó béèrè ọ́fíìsì Légàálì Éèdì ní Ìbàdàn.

Kí àwòrán náà tó dé ibi púpọ̀ sí i, ìrànlọ́wọ́ kan wà tí kò gbówó. Lórí StopNCII.org, ẹni tó ti lé lọ́dún 18 lè sọ àwòrán náà di àmì onínọ́ńbà kan lórí fóònù ara rẹ̀. Àwòrán kò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àmì náà nìkan ló ń lọ, Fesibúùkù, Ínsítágíráàmù, Tíkítọ́ọ̀kì àti àwọn mìíràn á sì fi í dá ẹ̀dà rẹ̀ mọ̀ láti dí i lọ́nà. Ó gba àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe náà. Takeitdown.ncmec.org ni ti àwọn ọmọdé. Ibi tí agbára wọn kò dé ni inú gúrúùpù Wọ́sáàpù, ibẹ̀ sì ni tiwa ti ń jà ràìn. Àwọn ádímíìnì ló lè pa á rẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ tàbí tí wọ́n fi ojú rẹ̀ polówó irọ́, láì sí ìhòòhò níbẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2026, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó dá ẹjọ́ kan tí ó yẹ kí gbogbo olóhun fóònù mọ̀. Wọ́n gbé fídíò kan sí Fesibúùkù, wọ́n lo àwòrán àti ohùn Fẹ́mi Fálànà, àgbà agbẹjọ́rò tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n sì ní àìsàn kan tó jẹ mọ́ ti àwọn ọkùnrin ń bá a jà. Irọ́ ni. Kì í ṣe ẹjọ́ gbígbé ojú lé ara gan-an, ṣùgbọ́n òun ló súnmọ́ ọn jù nínú èyí tí a ní nílé. Fálànà kò pe ẹ́ ní ìbanilórúkọjẹ́ lásán. Abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ wa, tó fún ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí rẹ̀, ló gbé lé, pẹ̀lú òfin tó ń dáàbò bo dátà ẹni tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Òkúdù 2023. Mẹ́tà tó ni Fesibúùkù ló sì pè lẹ́jọ́. Ó béèrè mílíọ̀nù 5 dọ́là. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san 25,000 dọ́là fún un.

Ohun tó wà níbẹ̀ fún ará Badẹkú ni pé ilé ẹjọ́ gbà pé irọ́ nípa ẹni lè ba àṣírí ẹni jẹ́, àní bí onítọ̀hún bá tilẹ̀ jẹ́ gbajúmọ̀, àti pé ẹni tó ni pèpéle náà kò lè ká ọwọ́ gbera pé òun kọ́ ló ṣe é. Ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn bẹ́ẹ̀ máa ń yára ju ẹjọ́ gbọọrọ lọ, nítorí pé ìwé ìbúra ni wọ́n fi ń rò ó jù, ìlànà rẹ̀ ti 2009 sì sọ pé ọjọ́ kì í kọjá lórí rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lè gbọ́ ọ. Bí ó bá wu ọmọ aránṣọ wa, kò nílò kí ọlọ́pàá kọ́kọ́ dìde kí ó tó lọ síbẹ̀.

Òfin dátà yẹn ní ìlẹ̀kùn kan tí àwọn kan fẹ́ gbà sá. Ó ní òun kò bá ẹni tó ń lo dátà fún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tàbí ti ilé rẹ̀ wí. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé ojú ọkọ yín lé ara ọba láti fi rẹ́rìn-ín nínú yàrá, ẹ sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n òfin náà fi kún un lójú ẹsẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn sí àṣírí lójú. Gúrúùpù tí ènìyàn igba wà kì í ṣe yàrá.

Àwọn ayánilówó orí fóònù ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ọjà ló mọ bí wọ́n ti ń ṣe é: ẹ yá owó, ẹ pẹ́ san, wọ́n á mú fọ́tò tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀, wọ́n á gbé e sórí pósítà "ọ̀daràn tí a ń wá" tàbí ti òkú, wọ́n á rán an sí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù yín. Ní oṣù Ògún 2021, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé iṣẹ́ tó ni Sokoloan nítorí títẹ àṣírí àwọn oníbàárà lójú. Pé gbèsè wà lọ́rùn ẹni kò fún olówó ní àṣẹ lórí ojú ẹni. Ẹni tí wọ́n bá ṣe é sí lónìí lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí àjọ tó ń dáàbò bo dátà ní ndpc.gov.ng.

Áàpù ìyíjú fúnra rẹ̀ náà ńkọ́, èyí tí àwọn ọmọ ń fi ara wọn ṣe ọba àti òṣèré? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe iṣẹ́ náà nínú fóònù. Fọ́tò yín ń lọ sórí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan lókè òkun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yí i. Ní 2019, áàpù kan tí ń jẹ́ Zao gba gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà kan láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìgbà tí àwọn ènìyàn ka àdéhùn rẹ̀ ni wọ́n rí i pé wọ́n ti fún ilé iṣẹ́ náà láṣẹ títí láé lórí ojú wọn, láì gba kọ́bọ̀. Ariwo ta, wọ́n yí i padà. Ojú kì í ṣe páásìwọ́ọ̀dù tí a lè pààrọ̀, báńkì sì ti ń ní ká yí ojú sọ́tùn-ún sósì kí wọ́n lè mọ̀ pé àwa ni. Kí ẹ tó fi fọ́tò ọmọ yín sínú áàpù tí ẹ kò mọ ilé iṣẹ́ tó ni ín, ẹ rántí ìyẹn.

Àbùkù tí òfin wa ní kò ṣeé bò. Ẹni tó ṣe àwòrán oníhòòhò ayédèrú àgbàlagbà tó sì tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù rẹ̀ láì rán an, láì halẹ̀, kò tíì dá ẹ̀ṣẹ̀ kan tí a lè tọ́ka sí kedere nínú òfin 2015 náà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2025 kan ti sọ ṣíṣe é fúnra rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 19 oṣù Èbìbí 2025 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti gbé e jáde, ó sì fún àwọn pèpéle ní wákàtí 48 láti yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn tí ẹni tí wọ́n ṣe é sí bá ti béèrè. Ọmọ wa tó wà ní Pẹ́kámù tí ó gba àwòrán ọmọ Erùnmu, tí ó sì tún un pín, wà lábẹ́ òfin ibi tó ń gbé, kì í ṣe tiwa nìkan.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣojú wa ní Àbújá ni pé kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún òfin náà tí yóò sọ ṣíṣe àwòrán oníhòòhò ẹlòmíràn láì gba àṣẹ di ẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́n má sì fẹ̀ ẹ́ débi tí yóò tún fi mú akàwòrán tó ń fi gómìnà ṣe ẹ̀fẹ̀. Lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ohun kékeré ni. Bí obìnrin bá gbé irú ẹjọ́ yìí wọ àgọ́ ní Mọníyà, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìyànà Ọ̀fà, kí ẹni kan ṣoṣo wo àwòrán náà, kí ó jẹ́ ọlọ́pàá obìnrin bó bá wà, kí wọ́n má ṣe gbé fóònù rẹ̀ kiri láti orí tábìlì dé orí tábìlì, kí ẹnikẹ́ni má sì ní kí ó fi ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù òun kí òun lè wò ó dáadáa.